Bí a ṣe ń tún ọ̀rọ̀ fídíò ìpolówó gàrí Ìjẹ̀bú ṣe kí ó tó jáde

Ní Ìjẹ̀bú-Òde lónìí, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta gàrí kò dúró de ẹni tí yóò kọjá níwájú ìsọ̀ nìkan mọ́. Wọ́n máa ń san owó fún ẹni tó ní olùwòran púpọ̀ lórí fóònù, kí ó bá wọn ṣe fídíò ìṣẹ́jú kan. Bí ààwẹ̀ Rámádánì bá ti ń sún mọ́, irú fídíò bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀ sí i. Kì í ṣe gàrí fúnra rẹ̀ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ ni. Bí fídíò bá sọ pé oúnjẹ kan ń wo àìsàn, tí ẹnì kan sì torí rẹ̀ pa oògùn rẹ̀ tì, a kò lè sọ pé ìpolówó lásán ni.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó mú ọ̀rọ̀ fídíò kan, a ó yẹ gbólóhùn rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi hàn bí a ṣe ń dín ohun tó bá ju ẹ̀rí lọ kù. Àpẹẹrẹ ni ọ̀rọ̀ náà. A kọ ọ́ láti inú irú ohun tí gbogbo wa ń gbọ́ nípa gàrí Ìjẹ̀bú, kì í ṣe ti oníṣòwò kan pàtó.

Ọ̀rọ̀ náà kí a tó tún un ṣe

"Ẹ̀yin ará wa, ààwẹ̀ ti dé! Gàrí Ìjẹ̀bú wa yìí kò ní ṣúgà rárá, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè jẹ ẹ́ bó ṣe wù ú. Ọjọ́ márùn-ún la fi ń jẹ́ kí ó kan, nítorí náà kò sí májèlé kankan nínú rẹ̀, kì í ba ojú jẹ́. NAFDAC ti fọwọ́ sí i pé ó dára fún ìlera. Ẹ gbọ́ lẹ́nu Alhaja: Láti ìgbà tí mo ti ń jẹ gàrí yìí, ṣúgà mi ti wálẹ̀, mi ò lo oògùn mọ́."

Ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń ṣe ni pé kí a fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ohun tí olùgbọ́ lè béèrè lórí rẹ̀ pé, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí, márùn-ún ni wọ́n: pé kò ní ṣúgà, pé ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè jẹ ẹ́ láìní ìwọ̀n, pé kò sí májèlé nínú rẹ̀ tí kì í sì í ba ojú jẹ́, pé NAFDAC jẹ́rìí sí ìlera rẹ̀, àti pé ó mú ṣúgà Alhaja wálẹ̀ tó fi pa oògùn tì. Ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ó kan náà ní ẹ̀rí tirẹ̀ tí a ó béèrè. A ó bi oníṣòwò pé kí ni ó ní lọ́wọ́ tó fi lè gbe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́sẹ̀. Ohun tí a ń béèrè ni ìwé àyẹ̀wò, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́, tàbí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. "Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́" kì í ṣe ẹ̀rí.

Fífi "lè" sí i kò tó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti fi "lè" sí àárín gbólóhùn, ó ti rọ̀ nìyẹn. Ní èdè Yorùbá, ewu wà nínú èyí. "Ó lè wo àtọ̀gbẹ" kò fi iyèméjì hàn létí olùgbọ́. Ohun tó gbọ́ ni pé ó ní agbára láti wò ó. Bí a bá sọ pé ẹnì kan lè gbé àpò gàrí kan, a kò sọ pé bóyá yóò gbé e, bóyá kò ní gbé e. Ohun tí a sọ ni pé apá rẹ̀ ká a. Nítorí náà, ẹni tó fi "lè" bo ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀rí kò tíì dín nǹkan kan kù.

"A gbọ́ pé" àti "àwọn àgbà sọ pé" náà kò yọ ẹni tó ń polówó kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ẹni tó gba owó láti tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùwòran ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi iyèméjì hàn lóòótọ́, kí a sọ ohun tí a mọ̀, kí a sì sọ ibi tó parí sí. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ńlá, bíi "rárá", "kankan", "pátápátá", "bó ṣe wù ú" àti "títí láé", la máa ń kọ́kọ́ yọ, torí pé wọ́n ń ṣèlérí fún gbogbo ènìyàn ní gbogbo ìgbà.

Ẹjọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó kọ́ àwọn apolówó lọ́gbọ́n lórí èyí. Ilé-iṣẹ́ POM Wonderful, tó ń ta oje èso rúmáànì, polówó pé oje náà ń ṣàǹfààní fún ọkàn àti fún kókó tó wà lábẹ́ àpòòtọ̀ ọkùnrin, ó sì ń tọ́ka sí ìwádìí. Ní ọdún 2010, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́. Nínú àwọn ìpolówó náà, wọ́n máa ń lo ọ̀rọ̀ rírọ̀ bíi pé ìwádìí náà "ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀" tàbí pé ó "ń fi ìrètí hàn". Àjọ náà ṣe ìdájọ́ ní ọdún 2013 pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tó láti tún ohun tí ìyókù ìpolówó náà ń sọ ṣe. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí púpọ̀ nínú ìdájọ́ náà ní ọdún 2015, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà ní ọdún 2016. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí olùgbọ́ mú lọ sílé ni wọ́n ń ṣírò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà àti àtọ̀gbẹ

Ibi tí ọ̀rọ̀ "kò ní ṣúgà" ti wá kò ṣòro láti mọ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú kan ju ọ̀pọ̀ gàrí lọ, torí pé wọ́n máa ń fi ẹ̀gẹ́ rírin sílẹ̀ sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó kù ú, kí wọ́n tó yan án. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí máa ń sọ díẹ̀ nínú ṣúgà inú ẹ̀gẹ́ di omi kíkan. Kíkan yìí ló wá jẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé ṣúgà ti tán nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣúgà kọ́ ló pọ̀ nínú gàrí, sítáàṣì ni. Nínú 100 gíráàmù gàrí gbígbẹ, nǹkan bí 80 gíráàmù jẹ́ oúnjẹ afúnnilágbára, sítáàṣì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí a bá jẹ ẹ́, inú wa yóò sọ sítáàṣì náà di ṣúgà, yóò sì wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó jẹ òkèlè ẹ̀bà ńlá yóò rí i lórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bó ti wù kí gàrí náà kan tó.

Nígbà tí oníṣòwò bá gbọ́ èyí, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí a sọ pé a kò fi ṣúgà sí i." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣini lọ́nà. Kò sí ẹni tó ń fi ṣúgà yan gàrí. Bí a bá sọ ọ́ bí ohun tó yàtọ̀ nípa gàrí yìí, olùgbọ́ yóò rò pé gàrí àwọn yòókù ní ṣúgà, pé tiwa sì dára fún alátọ̀gbẹ. Gbólóhùn lè jẹ́ òótọ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ohun tí olùgbọ́ gbà gbọ́ sì jẹ́ irọ́. Nítorí náà, ṣe ni kí a yọ ọ́ kúrò.

Ní ti àtọ̀gbẹ, kò sí bí a ṣe lè rọ ọ̀rọ̀ náà tí yóò dára. Òfin oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà ní àkójọ àwọn àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ polówó oúnjẹ tàbí oògùn fún gbogbo ènìyàn pé ó ń wò wọ́n tàbí pé ó ń dènà wọn. Àtọ̀gbẹ wà nínú àkójọ náà. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, a kì í tún un ṣe, a máa ń pa á rẹ́ ni. Bí oníṣòwò bá fẹ́ kí alátọ̀gbẹ gbọ́ nǹkan kan nínú fídíò náà, ohun tó yẹ kí ó gbọ́ ni ìkìlọ̀ pé sítáàṣì pọ̀ nínú gàrí, kí ó sì bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀n tí yóò jẹ.

Ọ̀rọ̀ májèlé àti ojú

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìjẹ̀bú gan-an. Nínú ẹ̀gẹ́ tútù, ohun kan wà tó máa ń di sáyánáìdì, èyí tó jẹ́ májèlé, bí wọ́n bá ti rin ín. Rírin ni ó ń tú u sílẹ̀, fífún omi rẹ̀ jáde lábẹ́ jáàkì sì ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Jíjẹ́ kí ó kan náà ń ṣèrànwọ́, iná tí wọ́n fi ń yan án sì ń lé èyí tó kù sínú afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa, èyí tó máa ń ṣẹ́ kù kò tó nǹkan. Ìlànà Codex, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ gbà fún oúnjẹ, sọ pé sáyánáìdì inú gàrí kò gbọdọ̀ ju 2 mílígíráàmù lọ nínú kílò kan. "Kò sí kankan" kọ́ ni ìlànà náà sọ. Ìwọ̀n ni ó sọ.

Ní ti ojú, ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Ní nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntòkun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí àìsàn iṣan kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ púpọ̀. Ọ̀sọ́sà, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, wà lára àwọn ìlú tó ti ṣe é. Ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn náà máa ń kú, ìrìn wọn kì í dúró dáadáa, ojú tàbí etí àwọn mìíràn sì máa ń di bàìbàì. Sáyánáìdì inú oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fura sí. Àwọn onímọ̀ tó padà lọ sí Ọ̀sọ́sà lẹ́yìn nǹkan bí 30 ọdún jábọ̀ ní ọdún 2000 pé àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ìwádìí tó tẹ̀lé e kò rí i pé sáyánáìdì ni ó fà á, àríyànjiyàn sì wà lórí rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí yóò rí i pé kò yẹ kí fídíò gàrí dá sí ọ̀rọ̀ ojú. Bí a bá ní "gàrí ń ba ojú jẹ́", a ti ju ẹ̀rí lọ. Bí a bá ní "gàrí wa kì í ba ojú jẹ́", a ti ju ẹ̀rí lọ bákan náà, torí pé kò sí oníṣòwò tó ti tẹ̀ lé àwọn oníbàárà rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láti mọ̀. Ohun tí oníṣòwò mọ̀ ni bí ó ṣe ṣe gàrí rẹ̀, ohun tí a ó sì jẹ́ kí ó sọ nìyẹn.

Èyí náà ní ààlà. Bí ó bá ní ọjọ́ márùn-ún ni òun fi ń jẹ́ kí ó kan, a ó béèrè ìwé tí ó ń kọ ọjọ́ sí. Bí ìwé náà bá fi hàn pé ọjọ́ mẹ́ta ni nígbà tí ọjà bá ń yá, "ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún" ni a ó kọ. Bí ó bá ní ìwé àyẹ̀wò láti láàbù, a ó wo ohun tí wọ́n yẹ̀ wò àti ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Gàrí díẹ̀ tí ó gbé lọ sí láàbù ń sọ nípa gàrí ọjọ́ yẹn. Kò lè jẹ́rìí fún àpò tí yóò yan lóṣù tó ń bọ̀. Kíkan tí ahọ́n wa ń tọ́ wò náà kì í ṣe òṣùwọ̀n sáyánáìdì. Ó kàn ń fi hàn pé gàrí náà kan ni.

Nọ́ńbà NAFDAC àti ẹ̀rí Alhaja

Nọ́ńbà NAFDAC lára ọ̀rá gàrí túmọ̀ sí pé àjọ náà ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀ láti tà. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n jẹ́rìí pé ó ń wo nǹkan kan. Nítorí náà, "NAFDAC ti fọwọ́ sí i pé ó dára fún ìlera" yóò di "Nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ wà lára ọ̀rá". Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbo àti oògùn ìbílẹ̀ tún ṣe kedere ju èyí lọ. NAFDAC máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára irú ọjà bẹ́ẹ̀ pé àjọ náà kò tíì ṣe àyẹ̀wò ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe. Ẹni tó fi nọ́ńbà irú ọjà bẹ́ẹ̀ polówó bí ẹ̀rí ìwòsàn ti yí ọ̀rọ̀ àjọ náà padà.

Ẹ̀rí Alhaja ló léwu jù nínú ọ̀rọ̀ fídíò náà. Ó ṣeé ṣe kí ó máa sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun mìíràn tó ń jẹ, a kò mọ oògùn tó lò, a kò sì mọ ìgbà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kẹ́yìn. Ohun tí oníṣòwò kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, kò lè fi ẹnu oníbàárà sọ ọ́. Gbólóhùn "mi ò lo oògùn mọ́" sì lè mú kí olùgbọ́ mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù ààwẹ̀, nígbà tí alátọ̀gbẹ nílò dókítà rẹ̀ ju ìgbà mìíràn lọ. A kì í wá ọ̀rọ̀ rírọ̀ fún un. Ṣe ni a ó bẹ Alhaja pé kí ó sọ ohun tí ahọ́n rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn tí a tún un ṣe

"Ẹ̀yin ará wa, ààwẹ̀ ti dé. Ẹni tó ni gàrí yìí ló san owó fídíò yìí. Gàrí Ìjẹ̀bú ni. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n fi ń jẹ́ kí ó kan kí wọ́n tó fún un, kù ú, kí wọ́n sì yan án, ìdí nìyẹn tó fi kan lẹ́nu. Nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ wà lára ọ̀rá. Ẹ gbọ́ lẹ́nu Alhaja: Èmi fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó kan, ó gbẹ dáadáa, kò sì ní yanrìn nínú. Sítáàṣì pọ̀ nínú gàrí o. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ, ẹ má sì dá oògùn yín dúró."

Ẹ wò ó, ìpolówó ṣì ni. Kíkan, gbígbẹ àti àìní yanrìn ni ohun tí ẹni tó mọ gàrí Ìjẹ̀bú ń wá, olùgbọ́ sì lè tọ́ gbogbo rẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Ohun tó lọ ni ìlérí tí ẹnikẹ́ni kò lè mú ṣẹ.

Kí fídíò tó jáde

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti tọ́, àwòrán ló kù. Bí a bá yọ àtọ̀gbẹ kúrò nínú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí a fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò ṣúgà tàbí ẹni tó wọ aṣọ funfun dókítà hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo gàrí, ohun tí a yọ ti padà wọlé. Bákan náà ni àkọlé tí wọ́n kọ sórí fídíò àti èyí tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ìkìlọ̀ kéékèèké tó kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá méjì ní ìparí kò lè tún wọn ṣe.

Ọ̀nà tó dára jù láti dán an wò ni pé kí a fi fídíò náà han ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí a sì bi í pé, "Kí ni wọ́n ní gàrí yìí ń ṣe?" Bí ó bá dáhùn pé, "Wọ́n ní ó dára fún alátọ̀gbẹ," iṣẹ́ kò tíì parí, ohun yòówù kí ó wà nínú ìwé.

Lẹ́yìn èyí, ìpolówó oúnjẹ tó ní ìforúkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda NAFDAC. Òfin ARCON ti ọdún 2022 náà béèrè pé kí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìpolówó wò rí i kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn, fídíò orí fóònù náà sì wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, òfin FCCPC ti ọdún 2018 kọ̀ fún oníṣòwò láti sọ ọ̀rọ̀ irọ́ tàbí ọ̀rọ̀ tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà. Kí oníṣòwò àti ẹni tó ṣe fídíò jọ tọ́jú ìwé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, ìwé tí wọ́n ń kọ ọjọ́ kíkan sí, ìwé láàbù bó bá wà, àti ìwé ìyọ̀ǹda. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́la pé kí ni ẹ̀rí gbólóhùn kan, kí wọ́n lè na ọwọ́ mú un.